Bí A Ṣe Ń Pa Báírò Rẹ́ Lójú Ìwé Tí A Yà Sórí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ra ìwé kíkà àlòkù mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín á ti fàlà sí i, á sì ti kọ ìdáhùn sétí rẹ̀. Báírò búlúù ṣeé yọ.

Àwọ̀ ni gbogbo àṣírí ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi 300 dpi ya ojú ìwé náà ní aláwọ̀, kì í ṣe ní dúdú àti funfun, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí PNG, torí JPEG máa ń da àwọ̀ rú létí lẹ́tà. Ìpele mẹ́ta ló para pọ̀ di àwòrán aláwọ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Nínú ìpele búlúù, báírò búlúù á ṣá, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ á ṣì dúdú, kódà níbi tí báírò ti gba orí rẹ̀ kọjá.

Nínú GIMP, ẹ lọ sí Colors, Components, Decompose, kí ẹ yan RGB, kí ẹ sì fi ìpele blue nìkan sílẹ̀. Ẹ wá ṣí Levels, kí ẹ fa àmì funfun apá ọ̀tún sí òsì díẹ̀díẹ̀ títí òjìji báírò á fi pòórá.

Ẹ má fà á jù o! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé Yorùbá kan, ni àmì ìsàlẹ̀ bá bá báírò lọ, “ọkọ” sì di “oko”. Ìpele pupa ni ti báírò pupa. Ti báírò dúdú kò gbọ́ oògùn yìí: ọwọ́ lẹ ó fi kùn ún ní funfun.