Ilé Onílé Nínú Ìwé Ayálégbé

Ìrẹmọ wà lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì jìnnà sí Ẹnuwá níbi tí ààfin Ọọ̀ni wà. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá yóò rí ilé tí àwọn bàbá kọ́ fún ìyàwó àti ọmọ, tí iwájú rẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù. Onílé ń gbé ẹ̀yìn, ayálégbé ń tajà níwájú. Bí ẹ bá bi ọmọdé ibẹ̀ pé ta ló ni ilé, kò ní ṣì í sọ. Síbẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, bí ayálégbé náà bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà ní ọjà ìpín, òfin ìṣirò owó ní kí ó kọ ṣọ́ọ̀bù yẹn sínú ìwé ohun-ìní àti gbèsè tirẹ̀. Yóò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: lápá kan bíi dúkìá, lápá kejì bíi gbèsè.

Òfin náà ń jẹ́ IFRS 16. Ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn òfin IFRS, àjọ FRC, tí òfin ọdún 2011 dá sílẹ̀, ló sì ń mójú tó wọn. Ohun kan ni kí a kọ́kọ́ là yé ara wa. Ilé-iṣẹ́ náà kò sọ pé òun ló ni ilé. Ti onílé ni ilé, òun náà ni yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti lo ilé fún iye ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí ni ayálégbé rà, ẹ̀tọ́ yẹn ni dúkìá tó ń kọ. Owó ilé tó ti ṣèlérí, tí kò tíì san, ni gbèsè.

Tẹ́lẹ̀, owó ilé ọdún kan kì í ju ìnáwó ọdún kan lọ nínú ìwé. Ilé-iṣẹ́ lè ti fọwọ́ sí ọdún mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún ilé, kí ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ má rí gbèsè kankan, àfi tó bá ṣí i dé ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń to àlàyé sí. Ọ̀gbẹ́ni Deífíìdì Twídì, tó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, máa ń sọ pé ó wu òun kí òun tó kú kí òun wọ ọkọ̀ òfurufú kan tó wà nínú ìwé ohun-ìní ilé-iṣẹ́ tó ń fò ó, nítorí pé lísì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba ọkọ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà gbé òfin tuntun jáde ní 2016, ó ṣírò pé àdéhùn lísì tó wà lọ́rùn àwọn ilé-iṣẹ́ ọjà ìpín lágbàáyé tó tírílíọ̀nù dọ́là 3.3, àti pé ó lé ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ohun-ìní àti gbèsè wọn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ìrẹmọ. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta oògùn, tó ní ẹ̀ka káàkiri, gba ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Owó ilé jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà lọ́dún, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni yóò sì máa san án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó san ₦2,000,000, ó sì tún san ₦400,000 fún àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́n èjẹ́ńtì, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ku ìgbà mẹ́ta tí yóò san mílíọ̀nù méjì.

Mílíọ̀nù mẹ́fà kọ́ ni yóò kọ sílẹ̀ bíi gbèsè. Owó ọdún tó ń bọ̀ kò tó owó òní, nítorí pé ẹni tó bá fi owó kékeré pamọ́ lónìí pẹ̀lú èlé yóò rí mílíọ̀nù méjì nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ká ní èlé tí bánkì yóò gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á pín mílíọ̀nù méjì àkọ́kọ́ sí 1.2 lẹ́ẹ̀kan, ìkejì lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta lẹ́ẹ̀mẹta. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦4,212,963. Gbèsè nìyẹn. Dúkìá ni gbèsè yẹn, pẹ̀lú mílíọ̀nù méjì tó ti san àti owó àgírímẹ́ǹtì: ₦6,612,963.

Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti yà. Dúkìá ń dín kù déédéé, nítorí pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: ₦1,653,241 lọ́dọọdún. Ọ̀nà mìíràn ni gbèsè ń gbà. Lọ́dún àkọ́kọ́ èlé ₦842,593 gun orí rẹ̀, ó di ₦5,055,556, wọ́n san mílíọ̀nù méjì, ó ku ₦3,055,556. Lọ́dún kejì èlé jẹ́ ₦611,111, ó ku ₦1,666,667 lẹ́yìn tí wọ́n san owó. Lọ́dún kẹta èlé ₦333,333 sọ ọ́ di mílíọ̀nù méjì gééré, wọ́n san án, gbèsè parí. Bí ẹ bá ro ìdínkù dúkìá pọ̀ mọ́ èlé, ìnáwó ọdún àkọ́kọ́ lé díẹ̀ ní ₦2,495,000, ti ọdún kẹrin kò ju ₦1,653,241 lọ. Bákan náà ni ilé, bákan náà ni owó tí onílé ń gbà. Ìnáwó ló wúwo níwájú tó fúyẹ́ lẹ́yìn. Bí ẹ bá kó ti ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ₦8,400,000 ni, iye tó jáde lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ gan-an. Ibi tí àpapọ̀ yìí kò bá ti bára mu, àṣìṣe wà nínú ìṣirò náà.

Nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni nílẹ̀ òkèèrè, dúkìá àti gbèsè sábà máa ń dọ́gba lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé oṣooṣù tàbí òpin ọdún ni wọ́n ń san owó ilé níbẹ̀. Onílé tiwa kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní ti Ìrẹmọ yìí bèèrè ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò tún gba ọdún méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta. Gbèsè yóò di ₦2,777,778 péré, dúkìá yóò sì gòkè sí ₦7,177,778. Tó bá gba ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbèsè kò sí rárá, ₦8,400,000 ni dúkìá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tí ẹ̀tọ́ ìlò rẹ̀ pọ̀ tí gbèsè lísì rẹ̀ kéré, ẹ má kánjú pè é ní irọ́. Ó lè jẹ́ pé onílé ti gba tirẹ̀ tán.

Ibi méjì ni mo rò pé ó yẹ kí ojú wà. Èkíní ni iye èlé. Bí wọ́n bá lo ìdá 30 dípò 20 nínú àpẹẹrẹ wa àkọ́kọ́, gbèsè yóò já wálẹ̀ sí bíi ₦3,632,000, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbèsè rẹ̀ kéré lójú ayé mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ẹ wo iye èlé tó kọ sílẹ̀ fún lísì, kí ẹ wá wo èlé tó ń san lórí owó tó yá ní bánkì lásìkò kan náà. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ó yẹ kó ṣàlàyé.

Èkejì ni iye ọdún, èyí ló sì gba ìṣọ́ra jù nílé wa. Òfin gbà kí lísì tí kò ju oṣù méjìlá lọ má wọ inú ìwé bíi dúkìá àti gbèsè. Ọ̀pọ̀ àgírímẹ́ǹtì wa sì jẹ́ ọdún kan kan, tí wọ́n ń sọ di tuntun. Ṣé a lè wá sọ pé kò sí gbèsè níbẹ̀? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọdún tó ní ẹ̀tọ́ láti fi kún un, tó sì dájú dáadáa pé yóò fi kún un. Ní oṣù Bélú 2019, ìgbìmọ̀ tó ń túmọ̀ àwọn òfin IFRS fi kún un pé kì í ṣe owó ìtanràn tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì nìkan ni kí wọ́n wò, bí kò ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó bá kó jáde yóò pàdánù. Oníṣòwò tó lẹ táìsì sílẹ̀, tó kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, tó fa iná jẹnẹrétọ̀ wọlé, kò ní ọdún kan lọ́kàn. Ọ̀nà àtimọ̀ rọrùn: bí ìwé rẹ̀ bá pín owó àtúnṣe ṣọ́ọ̀bù sí ọdún mẹ́wàá, tó sì ní ọdún kan ni lísì òun, ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òótọ́. Mo sì gbọ́dọ̀ fi èyí kún un nítorí ilé ẹbí tó pọ̀ lágbègbè wa: àgírímẹ́ǹtì tí ọmọ kan ṣoṣo fọwọ́ sí láìsí olórí ẹbí kì í dúró, ẹ̀tọ́ tí kò sì dúró kò ṣeé kọ sílẹ̀ bíi dúkìá ọdún mẹ́rin.

Bí ohun kékeré yìí ṣe lè di ńlá, MTN Nàìjíríà fi hàn wá. Ní 2014 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn òpó tẹlifóònù rẹ̀, tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, fún IHS, ó sì ń yá àyè lórí wọn láti ìgbà náà. Wọ́n so apá kan owó lísì náà mọ́ dọ́là. Nígbà tí Bánkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdu 2023, gbèsè wú, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún gbèsè tó bá jẹ́ dọ́là ṣírò ní iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pa ìwé dé. Dúkìá ẹ̀tọ́ ìlò kò wú pẹ̀lú rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló dúró sí, tó ń dín kù. Ìyàtọ̀ náà di àdánù. Àdánù tí gbogbo gbèsè dọ́là, tí ti òpó wà lára wọn, kó bá MTN lọ́dún yẹn jẹ́ bílíọ̀nù náírà 740.4, ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè tẹ́lẹ̀ sì parí ọdún pẹ̀lú àdánù bílíọ̀nù 137. Ní oṣù Ògún 2024, òun àti IHS tún àdéhùn náà ṣe títí di òpin 2032, wọ́n sì dín apá tó so mọ́ dọ́là kù.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìrẹmọ kò ní láti ṣe ìṣirò yìí; òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, àní èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2025, kò gbé e lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, tàbí tí owó ìfẹ̀yìntì yín wà níbẹ̀, ẹ bèèrè ìwé ọdọọdún. Ẹ ṣí i sí àlàyé lórí lísì, kí ẹ ka mẹ́ta: ọdún mélòó, èlé wo, owó ilẹ̀ wo.