Ìgbà Mélòó Ni A Ó Po Káàdì Kó Tó Dàpọ̀ Dáadáa?

Ìdì káàdì kan ní káàdì 52. Ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ pọ̀ débi pé nọ́ńbà tó kà wọ́n ní ẹyọ 68: ẹyọ 8 ló ṣíwájú, ẹyọ 67 mìíràn sì tò tẹ̀ lé e. Ìdì tó dàpọ̀ dáadáa ni èyí tí gbogbo ètò wọ̀nyí ní àǹfààní kan náà láti jáde, tí ọ̀kan kò ju èkejì lọ. Níbi tí èyí bá ti yẹ̀, ẹni tó mọ bí káàdì ṣe tò kí wọ́n tó pò ó ti mọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀ nípa èyí tó kù láti ṣí.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta káàdì ń gbà pò ó ni pé kí wọ́n pín ìdì sí méjì, kí wọ́n di ọ̀kan mú ní ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n di èkejì mú ní ọwọ́ òsì. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ etí méjèèjì ga díẹ̀, wọ́n á wá máa tú u sílẹ̀ kí káàdì ọwọ́ méjèèjì máa já wọnú ara wọn. Nígbà mìíràn ẹyọ kan ni yóò já láti ọ̀tún, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta á tẹ̀ léra kí òsì tó jù tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ìdì méjèèjì wọnú ara wọn, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó lè fi ìṣirò wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe yìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é. Ní 1955, Edgar Gilbert àti Claude Shannon, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe rẹ̀. Jim Reeds náà dá ronú kan irú àpèjúwe kan náà ní 1981. Ohun tí wọ́n sọ pín sí ìgbésẹ̀ méjì. Èkínní, ibi tí a ti gé ìdì sí méjì dà bí ẹni pé a ju owó ẹyọ nígbà 52, tí a sì ka iye ìgbà tí orí fi hàn. Nítorí náà ìdì méjèèjì kì í sábà jìnnà sí 26 sí 26. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ìgbà márùn-ún, apá kan yóò wà láàárín 22 sí 30. Èkejì, ìdì tó bá ṣì nípọn jù ni káàdì rẹ̀ sábà máa ń já. Bí 30 bá kù ní ọwọ́ òsì tí 20 kù ní ọwọ́ ọ̀tún, àǹfààní pé òsì ni káàdì tó kàn yóò ti já jẹ́ 30 nínú 50. Àwọn tó ti wo bí ènìyàn ṣe ń po káàdì gan-an rí i pé àpèjúwe yìí kò jìnnà sí bí ọwọ́ aláìṣẹ̀tàn ṣe ń ṣe.

Ohun tí pípò kan kò lè fọ́ ni ètò tó wà nínú apá kọ̀ọ̀kan. Káàdì ọwọ́ òsì lè jìnnà síra, ṣùgbọ́n èyí tó ṣíwájú nínú wọn ṣì wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀tún. Àpẹẹrẹ kékeré yóò jẹ́ kó hàn kedere. Ká ní káàdì 10 péré la ní, tí a tò ní 1 dé 10. A gé e sí méjì: 1 dé 4 ní apá kan, 5 dé 10 ní apá kejì. Lẹ́yìn tí wọ́n wọnú ara wọn, ètò náà lè di èyí:

1 5 6 2 7 3 8 9 4 10

Bí a bá ń wá 1, lẹ́yìn náà 2, 3 àti 4, ọ̀tún nìkan ni ojú wa á máa lọ títí a ó fi rí wọn tán. Bí a bá wá bẹ̀rẹ̀ láti 5, bákan náà ni títí dé 10. Ẹ jẹ́ ká pe irú ìtẹ̀léra bẹ́ẹ̀ ní ọ̀wọ́: nọ́ńbà tó tẹ̀ léra, tí a lè rí láìpadà sẹ́yìn. Ìdì tí a kò tíì fọwọ́ kàn ní ọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìpò kan, ó di méjì.

Ẹ jẹ́ ká tún gé ètò yìí sí àárín, márùn-ún sí márùn-ún, ká sì tún pò ó. Ó lè di báyìí:

3 1 5 8 6 9 2 4 7 10

Nísinsìnyí, a lè wá 1 àti 2, ṣùgbọ́n a ó padà sẹ́yìn kí a tó rí 3. Láti 3 a dé 4, a tún padà wá 5. Láti 5 a dé 7, a tún padà wá 8, láti ibẹ̀ la ti dé 10. Ọ̀wọ́ ti di mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ ni pé gígé ìdì sí méjì lè gé ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì, kò sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, iye ọ̀wọ́ kò lè ju ìlọ́po méjì lọ ní ìpò kọ̀ọ̀kan: lẹ́yìn ìpò kan, kò lè ju 2, lẹ́yìn méjì, 4, lẹ́yìn mẹ́ta, 8, lẹ́yìn mẹ́rin, 16, lẹ́yìn márùn-ún, 32.

Òfin kékeré yìí tó láti dá wa lóhùn dé ìwọ̀n kan. Ìdì 52 tó dàpọ̀ pátápátá sábà máa ń ní ọ̀wọ́ bí 26 tàbí 27, kì í sì í jìnnà sí i. Ìdì tí a pò lẹ́ẹ̀mẹrin kò sì lè ju 16 lọ rárá. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá mọ ètò ìbẹ̀rẹ̀ kàn máa ka ọ̀wọ́ ni, yóò sì mọ̀ pé ìdì náà kò tíì dàpọ̀. Bí a bá pò ó lẹ́ẹ̀marùn-ún, ètò kan ṣì wà tí kò lè jáde láéláé: èyí tí a yí padà pátápátá, tí káàdì ìsàlẹ̀ di ti òkè. Ó ní ọ̀wọ́ 52, ìpò márùn-ún kò sì ju 32 lọ. Ìpò kẹfà, tó lè dé 64, ni gbogbo ètò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń ní àyè láti jáde.

Pé ètò kan lè jáde kò tíì túmọ̀ sí pé àǹfààní rẹ̀ bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Dave Bayer àti Persi Diaconis ló yanjú apá yìí, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992. Diaconis ti fi ọmọdé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ idán kó tó di onímọ̀ ìṣirò. Wọ́n fi hàn pé, láti mọ àǹfààní tí ètò kan ní láti jáde lẹ́yìn iye ìpò kan, ohun kan ṣoṣo la nílò láti mọ̀ nípa ètò náà: iye ọ̀wọ́ tó ní. Ibi tí káàdì kọ̀ọ̀kan wà kò kàn án. Ètò tí ọ̀wọ́ rẹ̀ kéré ní àǹfààní tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí ọ̀wọ́ rẹ̀ pọ̀ sì ń jìyà. Lẹ́yìn ìpò méje pàápàá, àǹfààní pé ìdì yóò padà sí ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 iye tó yẹ kó jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò rí i kó ṣẹlẹ̀.

Láti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ bí ìdì ṣe dàpọ̀ tó, wọ́n wọn àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ìdì tó dàpọ̀ pátápátá. Ká ní ẹnì kan lè ta tẹ́tẹ́ lórí ohunkóhun tó bá fẹ́ nínú ìdì náà. Àlàfo ni iye tó pọ̀ jù lọ tí ìṣeéṣe ohun tó yàn lè fi yàtọ̀ sí bó ṣe yẹ kó rí. Bó bá jẹ́ 100 nínú 100, a lè fi ojú mọ ìdì náà láìṣiyèméjì. Bó bá jẹ́ òfo, kò sí ọgbọ́n tó lè rí ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn ìpò kan, méjì, mẹ́ta, títí dé mẹ́rin, àlàfo náà kò kúrò ní 100 débi tí a lè rí. Lẹ́yìn márùn-ún, ó di 92. Lẹ́yìn mẹ́fà, 61. Lẹ́yìn méje, 33. Láti ibẹ̀ lọ, ìpò kọ̀ọ̀kan ń gé e sí nǹkan bí ìdajì: 17 lẹ́yìn mẹ́jọ, 8 àti ààbọ̀ lẹ́yìn mẹ́sàn-án, 4 lẹ́yìn mẹ́wàá. Ìdàpọ̀ kò ń wá díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; ìdì náà dúró bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ lójijì. Ibi tí ó ti já wálẹ̀ tó láti kéré ju ìdajì lọ ni ìpò keje, ìdí sì nìyí tí ìwé ìròyìn New York Times fi gbé méje jáde fún aráyé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1990, kí iṣẹ́ náà tó di títẹ̀ jáde.

Síbẹ̀, 33 nínú 100 kì í ṣe òfo. Onímọ̀ ìṣirò Peter Doyle ṣe eré kan tó fi èyí hàn. A to ìdì báyìí: hẹ́ẹ̀tì láti éèsì dé kíńgì, kílọ́ọ̀bù láti éèsì dé kíńgì, lẹ́yìn náà dáyámọ́ńdì àti sípéèdì, ṣùgbọ́n láti kíńgì padà sí éèsì. A pò ó lẹ́ẹ̀meje, a gé e, a sì ń ṣí káàdì láti òkè. Ẹnì kan ń kó hẹ́ẹ̀tì láti éèsì lọ sókè, lẹ́yìn náà kílọ́ọ̀bù. Ẹnì kejì ń kó dáyámọ́ńdì láti éèsì lọ sókè, lẹ́yìn náà sípéèdì. Káàdì tó bá kan ẹni kọ̀ọ̀kan ló lè mú. Bí ìdì bá tán, a tún padà sí òkè rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó tirẹ̀ tán ló jẹ. Bí ìdì bá dàpọ̀ pátápátá, ìdajì sí ìdajì ni. Lẹ́yìn ìpò méje, oníhẹ́ẹ̀tì ń jẹ ní nǹkan bí ìgbà 80 nínú 100. Iye ìgbà tí ẹni kọ̀ọ̀kan yóò padà sí òkè sinmi lórí iye ọ̀wọ́ inú káàdì rẹ̀, ọ̀wọ́ oníhẹ́ẹ̀tì sì ṣì kéré nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni káàdì rẹ̀ ti ń gòkè.

Eré tí a dìídì ṣe láti tú àṣírí ètò àtijọ́ ni eléyìí. Nínú eré lásán, tí kò sí ẹni tó ń ka ọ̀wọ́, méje tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí àlàfo kéré sí 5 nínú 100, kó pò ó dé mẹ́wàá. Bí ìdì bá sì di ìlọ́po méjì, bíi káàdì 104, ìpò kan àti ààbọ̀ péré la nílò láti fi kún un, nítorí pé ìpò kọ̀ọ̀kan ń sọ iye ọ̀wọ́ di ìlọ́po méjì.

Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí dúró lórí ọwọ́ tí kò ṣe é létòlétò jù. Ẹni tó já fáfá tó lè gé ìdì sí 26 sí 26 gẹ́lẹ́, kí káàdì sì máa já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún àti òsì láìṣìnà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń fi káàdì òkè sílẹ̀ ní òkè nígbà gbogbo, ìpò mẹ́jọ yóò dá ìdì náà padà sí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo, tí káàdì ń já lọ́wọ́ rẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, náà nílò ju méje lọ, nítorí pé àwọn tó já papọ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àṣìṣe kéékèèké tí ọwọ́ ń ṣe, ẹyọ kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, ni ohun tó ń da káàdì pọ̀ gan-an.