Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Kì Í Ṣe Wákàtí Méjì

Ká mú òṣìṣẹ́ kan, ká pè é ní Bísí. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ń wọṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì ló wọ ẹnu géètì, ó sì bá èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tò sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Ìka ẹlòmíì kò tètè wọlé, ẹlòmíì ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tó fi máa kàn án, aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lójú ẹ̀rọ, Bísí pẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ₦1,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́, owó ti lọ nìyẹn.

Irú nǹkan báyìí ló mú kí ìṣẹ́jú àmójúkúrò wà. A kò dá a sílẹ̀ kí èèyàn lè sùn sí i. Ó wà nítorí ìlà ẹnu géètì àti aago tí kò bá ara wọn mu. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ìdádúró tí kì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́. Bí ìlà náà bá ń gba ìṣẹ́jú méje lójoojúmọ́, àmójúkúrò ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ ká mọ iye tí ìṣẹ́jú kan jẹ́. Ká ní ₦88,000 ni owó oṣù Bísí, ọjọ́ 22 ló ń ṣiṣẹ́ lóṣù, wákàtí 8 lójúmọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 176. Bí a bá pín 88,000 sí ọ̀nà 176, wákàtí kan jẹ́ ₦500. Bí a bá tún pín 500 sí ọ̀nà 60, ìṣẹ́jú kan jẹ́ ₦8 àti kọ́bọ̀ 33. Ọjọ́ 22 yìí ni ká máa lò láti oṣù dé oṣù. Bí a bá ń fi 20 pín lónìí, tí a ń fi 23 pín lọ́la, òṣìṣẹ́ kò ní lè ṣírò owó ara rẹ̀.

Ní oṣù kan, Bísí pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà: ìṣẹ́jú 4, 9, 11, 3, 25 àti 8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 60. Iṣẹ́ tí kò ṣe kò ju ti ₦500 lọ. Ibi tí wọ́n ti ń gba ₦1,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò yọ ₦6,000, ìyẹn owó iṣẹ́ wákàtí 12. Ibi tí wọ́n ti ń ka ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò sọ 60 di 105, wọn yóò sì yọ ₦875. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a kó ìṣẹ́jú jọ bó ṣe rí, kí a ṣírò owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí oṣù bá parí.

Ìyàtọ̀ wà láàárín owó iṣẹ́ tí a kò ṣe àti owó ìtanràn. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 1974 kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ yọ ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ó bá a ṣe àdéhùn irú rẹ̀, àyàfi tí òfin bá gbà á ní pàtó. Nítorí náà, pé òṣìṣẹ́ buwọ́ lùwé kò sọ ₦1,000 yẹn di ẹ̀tọ́. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà wà fún, kì í ṣe àwọn ọ̀gá. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ ọ̀nà tí ó ń gbà ṣírò owó iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú yẹ kó wà.

Àmójúkúrò ojoojúmọ́ ní ewu tirẹ̀. Bí a bá fàyè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní pẹ́ tí aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò fi di àkókò ìwọṣẹ́ gan-an. Ẹni tó bá ń lò ó tán lójoojúmọ́ ti jẹ ìṣẹ́jú 220 lóṣù, láìsan kọ́bọ̀. Ẹlòmíì tó ń tètè dé, tí mọ́tò dá dúró sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan péré, ni owó rẹ̀ yóò wá dín. Ohun tó sàn jù ni kí oníkálùkù ní ìṣẹ́jú 30 fún gbogbo oṣù. Bísí yóò yọ 30 kúrò nínú 60 tirẹ̀, yóò sì san ti 30 tó kù: ₦250.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń rí ìṣẹ́jú òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ rí ti ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú. Bí ọ̀gá bá dá Bísí dúró ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn àkókò ìparí iṣẹ́, tí wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò yẹ kí wọ́n yọ ₦250 yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ní kó dúró pẹ́ láti fi dí àkókò tó pàdánù kò gbọdọ̀ tún pàdánù owó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ ní kí wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n yọ sínú ìwé owó oṣù yín, kì í ṣe iye owó nìkan.