Ẹrù tí wọ́n jí, àti ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀

Ìwé Òfin Àgbà Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Ìjọba tí ó pẹjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Olùjẹ́jọ́ lè dákẹ́ pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kadà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n jí ọ̀kan ní Ọ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, tí ọlọ́pàá sì bá a lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Òdìgbó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Abala 167 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba adájọ́ láàyè láti gbà pé òun ni ó jí i, tàbí pé ó mọ̀ pé ẹrù olè ni, àyàfi bí ó bá lè ṣàlàyé bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi òfin náà gbọ́. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ fi ìdí àìmọwọ́mẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá ní mẹkáníìkì kan ni ó tà á fún òun, àti pé òun kò mọ̀ pé wọ́n jí i, tí àlàyé náà sì lè jẹ́ òtítọ́, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ dá a lójú tán. Iyèméjì tí ó mọ́gbọ́n dání ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni wọ́n tó rí ọ̀kadà náà, agbára abala yìí yóò dín kù gidigidi.

Àlàyé tí ó ti ṣe ní àgọ́ ọlọ́pàá láti ìbẹ̀rẹ̀ wúwo ju èyí tí ó kọ́kọ́ sọ ní kóòtù lọ, nítorí ọlọ́pàá ṣì lè wá mẹkáníìkì náà lọ.