Fódà Àdáni, Fódà Àjùmọ̀lò: Ta Ló Lè Rí Fáìlì Yín Lórí Fóònù?

Ẹni tó bá fi fóònù gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ìyá ti ń ki oríkì ìdílé máa ń rò pé ohùn náà ti bọ́ sí ibi ààbò, ó ṣáà ti wà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n orí fóònù Áńdíróìdì kì í ṣe ojú kan. Áàpù tó gba ohùn náà sílẹ̀ lè kó o sínú fódà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ó sì lè kó o sínú fódà tí gbogbo áàpù jọ ń lò. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó ṣe nínú méjèèjì, nítorí tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, ohùn ìyá á máa dún. Síbẹ̀, ibi tí fáìlì náà wà ló ń sọ ẹni tó lè rí i, òun náà ló sì ń sọ bóyá ẹ ó tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ áàpù náà kúrò.

Ẹ jẹ́ ká ní com.apeere.ohun ni orúkọ tí fóònù fi mọ áàpù ìgbohùnsílẹ̀ náà. Fáìlì kan ṣoṣo yìí lè wà ní ọ̀kan nínú ibi méjì:

```
/storage/emulated/0/Android/data/com.apeere.ohun/files/oriki.m4a
/storage/emulated/0/Recordings/oriki.m4a
```

Ìlà kìíní ni fódà àdáni. Orúkọ áàpù wà lára ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, áàpù náà kò sì nílò kó tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kó tó kó nǹkan sí i. Ìlà kejì ni fódà àjùmọ̀lò, ẹlẹgbẹ́ DCIM tí kámẹ́rà ń kó àwòrán sí, Download tí ohun tí ẹ bá wà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń bọ́ sí, àti Documents. Ẹ fi wé agbo ilé: kálukú ló ni yàrá tirẹ̀, gbogbo ará ilé ló ni ọ̀ọ̀dẹ̀.

Nígbà kan rí, ilẹ̀kùn àwọn yàrá yìí kò ní kọ́kọ́rọ́. Títí di ọdún 2019, áàpù tó bá ti gba àyè láti wo ibi ìpamọ́ lórí fóònù lè wo gbogbo rẹ̀ pátá: àwòrán ọmọ yín, ìwé báǹkì tí ẹ kó sí Download, títí kan ohun tí àwọn áàpù mìíràn kó sínú Android/data. Áàpù tọ́ọ̀ṣì lásán lè béèrè àyè yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe wíwò nìkan ni ewu rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn olùwádìí ààbò ní iléeṣẹ́ Check Point fi hàn pé áàpù burúkú lè yí fáìlì tí áàpù gidi kó síbẹ̀ padà, kí áàpù gidi náà wá lò ó láìfura.

Áńdíróìdì 10, tó jáde ní ọdún 2019, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààlà sí i, ṣùgbọ́n ó ṣì gba àwọn tó ń ṣe áàpù láyè láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Áńdíróìdì 11 ti ọdún 2020 ló wá sọ ọ́ di dandan fún àwọn áàpù tí wọ́n bá ṣe fún un. Láti ìgbà náà, áàpù kan kò lè yọjú sínú Android/data áàpù mìíràn mọ́. Nínú fódà àjùmọ̀lò, áàpù lè kó fáìlì tirẹ̀ síbẹ̀, kó sì máa rí èyí tó kó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, láìtọrọ àyè. Bó bá fẹ́ rí àwòrán, fídíò tàbí ohùn tí áàpù mìíràn kó síbẹ̀, ó di dandan kó béèrè. Láti Áńdíróìdì 13, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń béèrè fún ohùn, ọ̀tọ̀ fún àwòrán àti fídíò. Láti Áńdíróìdì 14, ẹ lè mú àwòrán mélòó kan péré fún áàpù náà, kó má mọ̀ pé ìyókù wà.

Ibi tó wù mí jù nínú ètò yìí ni ti ìwé. Áàpù tí ẹ fún láyè láti wo àwòrán kò tipa bẹ́ẹ̀ rí ìwé báǹkì tó wà ní Download. Bó bá nílò ìwé kan, fóònù fúnra rẹ̀ ló máa ṣí ojú ìwé kan tí ẹ ó ti fọwọ́ mú ìwé náà, èyí tí ẹ bá mú nìkan ló sì máa dé ọwọ́ áàpù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣọ́ra fún áàpù tó bá béèrè ohun tí fóònù ń pè ní All files access. Ẹni tó bá gba ìyẹn ti gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. Áàpù tó ń ṣètò fáìlì nílò rẹ̀ lóòótọ́; áàpù tó ń tún àwòrán ṣe kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹ wo abẹ́ Settings, Apps, Special app access, ẹ ó rí orúkọ gbogbo àwọn tó ní in, ẹ sì lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oríkì ìyá. Fóònù kún, ẹni tó ni ín sì ń wá ohun tó máa yọ. Ó rí áàpù ìgbohùnsílẹ̀ tí kò lò láti bí oṣù mélòó kan, ó yọ ọ́. Bí oríkì náà bá wà ní Recordings, kò sóhun tó ṣe é. Bó bá wà nínú Android/data, Áńdíróìdì máa pa fódà àdáni náà rẹ́ pẹ̀lú áàpù, ohùn náà á sì bá a lọ. Kò ní sí nínú pàǹtírí tí a ti lè hú u jáde. Clear storage tó wà lójú ìwé ètò áàpù náà máa ń ṣe bákan náà, bí áàpù tilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Clear cache ni kì í kan irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ààbò tí fódà àdáni ń fún wa dára, mi ò sì fẹ́ ká padà sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ áàpù kì í sọ fún ẹni tó ń lò wọ́n pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó nǹkan rẹ̀ sí.

Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó yọ áàpù èyíkéyìí. Ẹ ṣí áàpù Files tó bá fóònù wá, kì í ṣe áàpù tó gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ wá orúkọ fáìlì náà. Bó bá yọjú, tí ó sì ń dún níbẹ̀, tí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ kò sì gba inú Android/data, fódà àjùmọ̀lò ló wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ padà sínú áàpù ìgbohùnsílẹ̀, kí ẹ lo bọ́tìnnì tó fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ tàbí tó fi ń kó o síta, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sí Download. Ẹ tún padà sí Files, kí ẹ gbọ́ ẹ̀dà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wáàsáàpù wà láàárín méjèèjì. Lórí àwọn fóònù tuntun, abẹ́ Android/media/com.whatsapp ló ń kó àwòrán sí. Fódà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ àwòrán inú rẹ̀ ń hàn nínú áàpù tí a fi ń wo fọ́tò. Ẹni tó bá ń wá fódà WhatsApp níbi tó wà tẹ́lẹ̀ tí kò rí i, abẹ́ Android/media ni kó wò.

Ohun kan tún wà tó ń dẹ́rù bani láìnídìí. Áńdíróìdì ń kọ orúkọ áàpù tó ni fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá yọ áàpù náà, ìní yẹn ti parí. Ẹ fi áàpù ìgbohùnsílẹ̀ kan náà padà sórí fóònù, ó lè sọ pé òun kò rí ohùn kankan, bẹ́ẹ̀ oríkì wà digbí ní Recordings. Fáìlì kò sọnù. Áàpù náà ti di àlejò sí i ni. Ẹ fún un láyè láti wo orin àti ohùn, yóò rí i, yóò sì lè máa gbé e sáfẹ́fẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yí i padà tàbí pa á rẹ́, fóònù máa kọ́kọ́ bi yín léèrè.