Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ìkíni Dúró

Ẹ jẹ́ kí a dé ọjà Ìkòtún, ní agbègbè Alímòṣọ́, ní òwúrọ̀. Ọmọbìnrin kan wá ra ata. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyá aláta dáhùn, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí bi í pé, "Ṣé dáadáa ni? Ìyá rẹ ńkọ́?" "Wọ́n wà, mà." "Ara wọn le?" "A dúpẹ́, mà." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "A dúpẹ́, mà."

Bí ọ̀rọ̀ ti ń tò nìyẹn: ilé, ara, lẹ́yìn náà iṣẹ́. Àgbà ni ó ń bèèrè, òun náà ni ó sì yẹ kí ó mọ ìgbà tí yóò dákẹ́. Bí ìdáhùn bá ń yá, kí ó bèèrè dé iṣẹ́, kí ó sì dúró níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá fà sẹ́yìn díẹ̀, tí ó wí pé, "A ṣì ń gbàdúrà, mà," àìsàn lè wà nílé. Ẹni tí ó bá tún wí pé "Iṣẹ́ ńkọ́?" fi hàn pé òun kò gbọ́ ìdáhùn. Kí ó dá ìbéèrè yòókù dúró, kí ó rọra fà á sí ẹ̀gbẹ́, kí ó ní, "Kí ni ó ṣẹlẹ̀?"

Bí oníbàárà bá sì ti ń dúró, kò sí ìbéèrè kankan mọ́. "Ẹ kú ọjà, ajé á wọ igbá" ti tó.