Ohun Mẹ́wàá Nípa Ọ̀wọ̀, Tàbí Ohun Mẹ́rin?

Àkọsílẹ̀ méjì ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n. Ọ̀kan ń jẹ́ "Ohun Mẹ́wàá Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Nípa Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀", èkejì ń jẹ́ "Ohun Mẹ́rin". Ká ní ọ̀rọ̀ 500 ni olóòtú yọ̀ǹda fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ 50 ló kan kókó kọ̀ọ̀kan nínú ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni ìṣòro rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe kọ ọdún Ìgogo: "Ọdún ńlá ni ọdún Ìgogo. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, tonílé-tàlejò ló sì ń wá wò ó. Ó ń gbé àṣà wa lárugẹ." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ Ìgogo kúrò, kí ẹ fi ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo tàbí Ojúde Ọba rọ́pò rẹ̀: kò sí gbólóhùn kan tí yóò yẹ̀. Bí mo ṣe ń dá àbùlà mọ̀ nìyẹn. Gbólóhùn tó bá bá ìlú mìíràn mu láìyí ohunkóhun padà kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìlú yìí.

Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan. Wọ́n ní Ọ̀rọ́nsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹjẹn, ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kì í lọ ilá lójú rẹ̀, a kì í da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀, a kì í sì í ju ẹrù igi mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ sí èèwọ̀ náà, ó sì bínú kúrò láàfin. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe Ìgogo fún ọjọ́ 17. Ìlù kì í dún lásìkò náà, agogo ni wọ́n ń lù. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a di irun, a wọ aṣọ bí obìnrin, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ẹni tó bá ka èyí mọ ohun tí yóò fi etí àti ojú wá bó bá dé Ọ̀wọ̀.

Ibi tí èkejì ti wá borí pátápátá nìyí. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, Ìgogo ni kókó kẹta, àwọn ère amọ̀ àtijọ́ ni ìkeje, wọn kò sì mọ ara wọn rí. Ṣùgbọ́n igbó tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti wú àwọn ère wọ̀nyẹn láàárín 1969 sí 1971, ìyẹn Igbó Lájà, ìtàn Ọ̀rọ́nsẹ̀n gan-an ni àwọn ará ìlú so ó mọ́. Lára ohun tó jáde níbẹ̀ ni ère ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ fi ọjọ́ orí wọn sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ iṣẹ́ wọn sì ń ránni létí Ifẹ̀ àti Benin papọ̀. Kókó kan ṣoṣo ni kókó méjèèjì jẹ́. Ẹni tó ń lépa iye kò lè rí i, torí pé bó bá so wọ́n pọ̀, mẹ́wàá rẹ̀ yóò di mẹ́sàn-án.

Ẹ má rò pé gígùn ni mo ń pè ní ìjìnlẹ̀ o. Nípa Ọ̀sẹ̀, àkọ́kọ́ to orúkọ ìlú: Ifọ̀n tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, Ìdóàní, Ìmẹ̀rì, ó ní "àgbẹ̀ aláápọn" ni wọ́n. Gbólóhùn kan péré ni èkejì kọ: ní àdúgbò Ìyàyù ní Ìdóàní, èdè tó tan mọ́ Ẹ̀dó ni wọ́n ń sọ, nínú ìlú tí Yorùbá yí ká. Ó tó.

Mo gbà pé àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ tó lè ṣe. Arìnrìn-àjò tó ní ọ̀sán kan péré, tó kàn fẹ́ mọ ibi tí yóò yà sí, yóò jẹ àǹfààní orúkọ mẹ́wàá. Ó tọ́ kí a to orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ àti ọ̀nà ibẹ̀ nìkan, láìfi ìyìn bò ó. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó ṣe bí ẹni ń ṣàlàyé.

Bí a ṣe ń yẹra fún àbùlà kò le. Kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ kọ sí abẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan ohun tó jẹ́ ti ibẹ̀ nìkan: orúkọ, èèwọ̀, ọdún, ìdí. Kókó tí abẹ́ rẹ̀ bá ṣófo, kó padà lọ béèrè, tàbí kó yọ ọ́. Èyí tí ohun kan náà bá wà lábẹ́ wọn, kó so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kó ka iye tó kù, kó tó gbé nọ́ńbà sínú àkọlé.